Bátìrì Tí Wọn Kò Jẹ́ Kí Ó Ṣiṣẹ́

Ọ̀rẹ́ mi ni Àwáwù, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo fẹ́ bà á lórúkọ jẹ́. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi àti ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ jọ lo ògiri kan náà ni, lójú ọ̀nà tó lọ sí Sekona, ní Ẹdẹ níbí. Bí ó bá sín lọ́hùn-ún, èmi ni mo máa ń kí i ní pẹ̀lẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lọ́dún yìí, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ó ní bí òun bá sọ ọ́, òun á bu iyọ̀ sí i, kí ara lè tu òun.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ènìyàn tí Àwáwù jẹ́. Agboolé àwọn oníṣòwò aṣọ ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ló wù ú. Ó kọ́ṣẹ́ títún kọ̀ǹpútà ṣe lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Òṣogbo, ó gba òmìnira, ó padà wálé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò. Àwọn ọmọ tó ti kọjá lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò lóǹkà. Ohun kan ṣoṣo ni a máa ń jà sí: Àwáwù kì í lo ohun tó bá dára. Léèsì tó fi ṣe ìgbéyàwó ṣì wà nínú àpótí. Abọ́ tánganran tí ìyá rẹ̀ fún un kò tíì kúrò nínú páálí. Ó ra fáànù, kò yọ ọ̀rá ara rẹ̀, fáànù ń fẹ́, ọ̀rá ń pariwo. Bí mo bá bú u, á ní, "Ìyá Naimat, ìlò ló ń mú kí nǹkan gbó. Ohun tí a kò bá lò, kí ló fẹ́ bà á jẹ́?"

Èmi á ní, "Kò burú. Ikán á bá ọ lò ó."

Ojú yẹn náà ló fi ń wo ọ̀kan nínú àwọn láptọ́ọ̀pù rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé iná wa kì í dágbére kó tó lọ. Jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀, àmọ́ kí wọ́n tó fa okùn rẹ̀, kí ó tó dáhùn, bátìrì inú láptọ́ọ̀pù ló gbọ́dọ̀ gbé àwọn ọmọ dúró. Iṣẹ́ tí bátìrì ní níbẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Àwáwù kò sì fi iṣẹ́ náà ṣeré lára àwọn láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí àwọn ọmọ ń lò lójoojúmọ́. Ó máa ń yọ ṣájà wọn, á jẹ́ kí wọ́n fi bátìrì ṣiṣẹ́, á sì máa ṣọ́ wọn. Èyí tó bá ti gbó díẹ̀ ṣùgbọ́n tó ṣì lè dúró pẹ́ ju ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ máa ń gbà lọ, á fi í sílẹ̀. Èyí tí kò bá lè dúró mọ́, á pààrọ̀ rẹ̀, kò ní máa fi ṣáàjì tan ara rẹ̀ jẹ.

Ọ̀kan ṣoṣo ni kì í yẹ̀ wò. Ó gbé e sórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó fi aṣọ òwú bò ó, ó sì ń pè é ní Ìyàwó. Òun ló dára jù nínú gbogbo wọn. Ó ti ra bátìrì tuntun sí i láti ọjọ́ pípẹ́, láti ọjọ́ náà kò sì yọ ṣájà lára rẹ̀ rí, tọ̀sán tòru, nítorí ó gbà pé bátìrì tí kò bá ṣiṣẹ́ kò lè gbó. Nígbà mìíràn á pè mí kí n wá wo nǹkan. Inú kọ̀ǹpútà náà ni ibi kan wà tó ti ń ka ìyípo bátìrì: bí ènìyàn bá ti lo odindi agbára bátìrì tán, ìbáà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ìbáà jẹ́ ìdajì lónìí ìdajì lọ́la, ìyípo kan nìyẹn. Ìyípo ti Ìyàwó kò ju ohun tí ọmọdé lè fi ìka ọwọ́ kà lọ. Nọ́ńbà ṣáàjì rẹ̀ sì máa ń wà ní ọgọ́rùn-ún nígbà gbogbo.

"Wò ó," Àwáwù á wí. "Bí ọjọ́ tí mo rà á ló ṣì rí."

Kí ni èmi mọ̀? Mo máa ń kan sáárá sí i, mo sì ń padà sídìí ẹ̀rọ mi.

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé. Ẹgbẹ́ kan tí àwọn ọmọ Ẹdẹ tó wà lókè òkun dá sílẹ̀ fẹ́ rán ọmọ kan lọ sí yunifásítì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọmọ kan péré ni o. Wọ́n ti ṣa àwọn ọmọ títí, ó wá ku àròkọ. Ilé ẹ̀kọ́ Àwáwù ni wọ́n fẹ́ jókòó sí láti tẹ àròkọ náà, ẹni tí tirẹ̀ bá sì dára jù ló ni ín. Alàgbà Olúṣẹ̀yẹ, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ni alága ìgbìmọ̀. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n bí ó bá ti sọ pé báyìí ni òfin wí, kí olúwarẹ̀ lọ jókòó.

Nínú àwọn tó kù ni ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Zulfah, tó ń ti ìlú Ara wá. Baba rẹ̀ ti kú. Ìyá rẹ̀, Fàtímọ̀, ń dáko ẹ̀gẹ́, ó sì ń din gààrí. Gbogbo wa la mọ̀ pé bí ọmọ yìí kò bá rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yìí gbà, ìdí agbada gààrí ló ń padà sí, kì í sì í ṣe pé ìyá rẹ̀ fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọpọlọ rẹ̀ pé. Ó ní ìtẹríba débi pé ó ń sú ènìyàn. Bí àgbà bá ní ilẹ̀ ni òkè, Zulfah á ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Àwáwù fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ bíbí inú rẹ̀.

Ìfẹ́ yẹn ló mú un tó fi ṣí aṣọ lórí Ìyàwó ní àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, tó sì ní kí Zulfah jókòó sídìí rẹ̀. Àwọn ọmọ tó kù lọ sídìí àwọn láptọ́ọ̀pù ojoojúmọ́. Ìgbìmọ̀ jókòó, Alàgbà Olúṣẹ̀yẹ sì ka òfin fún wọn. Ó ní ojú ewé tí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ sí kò ní fi nǹkan kan pamọ́ títí ọmọ yóò fi parí tí yóò sì fi í ránṣẹ́. Ó ní ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ pa kọ̀ǹpútà, ti olúwarẹ̀ tán nìyẹn, kò sí àtúnṣe. Wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nígbà tí iná lọ. Mo mọ̀, nítorí ẹ̀rọ tèmi náà dákẹ́ lórí apá aṣọ tí mò ń rán. Mo gbọ́ ohùn Àwáwù láti ẹ̀yìn ògiri: "Ẹ má mikàn. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Bátìrì yín kún." Mo gbọ́ tí bàbá tó ń ṣọ́ ilé ń fa okùn jẹnẹrétọ̀, tí jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́ tí kò dáhùn. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí ọmọ kan ké, kò sì ké púpọ̀. Kí n tó dé ojú fèrèsé, jẹnẹrétọ̀ ti dáhùn, gbogbo ọmọ ṣì ń tẹ àròkọ wọn lọ. Iwájú Zulfah nìkan ló dúdú.

Alàgbà Olúṣẹ̀yẹ ti dìde. "Kí ló pa á?"

"Ọmọ yìí ló tẹ bọ́tìnì tí a fi ń pa á, sà," ni Àwáwù wí.

"Ó dá ọ lójú? Ìdáhùn rẹ ni mo máa fi dájọ́ o."

"Mo rí ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀, sà."

Zulfah la ẹnu. Ó wo Àwáwù, ó sì tún pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, mà," ló wí. Alàgbà mi orí, ojú rẹ̀ kò dùn, ó sì ní kí ó máa lọ sílé. Zulfah gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá, bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì kí mi.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Àwáwù kò bá mi sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ògiri. Mo sín, kò kí mi. Nígbà tí ọjọ́ rọ̀, ó gbé Ìyàwó wọlé tọ̀ mí, ó gbé e sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, ó fi ṣájà sí i, ó sì jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn.

"Kí ni eléyìí?" mo ní.

"Jẹ́ kí ó kún ná. Bó bá kún, mo fẹ́ kí ó sinmi díẹ̀ kó tutù, kí n tó yọ ṣájà."

"Ilé tìrẹ kò ní iná ni?"

"Mi ò fẹ́ kí àwọn ọmọ wò mí," ló wí, kò sì gbójú sókè.

Nígbà tó tó àkókò, ó yọ ṣájà. Nọ́ńbà ṣáàjì wà ní ọgọ́rùn-ún. Ó ti ṣe é kí láptọ́ọ̀pù náà má lè sùn fúnra rẹ̀. Mo mú apá aṣọ kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rán an. Mi ò tíì rán an dé ìgùnpá tí mo gbọ́ tí Àwáwù mí kanlẹ̀. Mo yíjú. Iwájú Ìyàwó ti dúdú.

"Ó ṣì kọ mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún," ló wí. "Mo ń wò ó. Mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ló kọ, ó sì kú."

"Ta ló tẹ̀ ẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́, Ìyá Naimat."

Mo dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ. Ó là á yé mi, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ bí ó ṣe ń sọ ọ́. Ó ní nọ́ńbà tí à ń rí yẹn, ìṣirò ni. Láptọ́ọ̀pù kò lè yọjú wo inú bátìrì. Ohun tó bá wọlé àti ohun tó bá jáde ló ń ṣírò, ó sì ń fi í wé ìwọ̀n tó mọ̀ mọ́ bátìrì náà látẹ̀yìn. Bí bátìrì kò bá sọ̀ kalẹ̀ rí, kò sí ibi tí yóò ti mọ̀ pé ìwọ̀n yẹn ti yí padà. Ìwọ̀n ọjọ́ tí wọ́n ra bátìrì ló ṣì ń kà. Kí wọ́n ṣáàjì rẹ̀ kún, kí wọ́n lò ó títí yóò fi kú, kí wọ́n tún ṣáàjì rẹ̀ kún láìdá a dúró, òun ni wọ́n ń pè ní kalibrẹ́ṣọ̀n, kí ìṣirò lè bá òtítọ́ mu.

"Ṣé ìyẹn á wá wò ó sàn?"

"Kì í wo bátìrì sàn. Ojú ìwọ̀n ló ń tún ṣe. Ẹrù kò ní tìtorí pé wọ́n tún ìwọ̀n ṣe kó wúwo sí i."

"Ìwọ ṣáà ní kò tíì ṣiṣẹ́. O ní ìyípo rẹ̀ kéré."

Ibẹ̀ ló ti fi ọwọ́ bo ojú. "Mo mọ̀ ọ́n, Ìyá Naimat. Ọ̀gá mi kọ́ mi. Ìyípo nìkan kọ́ ló ń mú bátìrì gbó. Kó máa kún fọ́fọ́ nígbà gbogbo ń mú un gbó. Ooru ń mú un gbó. Mo gbé e sábẹ́ páànù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí oòrùn ń bọ́ sí, mo tún daṣọ bò ó. Mo ní mò ń tọ́jú rẹ̀."

Ó tún ṣáàjì rẹ̀ títí ó fi kún, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan wáyà. Nígbà tó tún yọ ọ́, nọ́ńbà náà kò purọ́ mọ́. Ó ń sá wálẹ̀ ní tòótọ́, ó ń já wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó sì kú kí n tó rán apá kejì tán. Ó tan án, ó ṣí ibi tí wọ́n ń kọ ọ́ sí. Agbára tó kù nínú bátìrì náà kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin èyí tí wọ́n ṣe mọ́ ọn.

Mo ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Pààrọ̀ rẹ̀. Ṣé kì í ṣe bátìrì ni?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo gbá a létí.

"Mi ò rí ọwọ́ ọmọ yẹn," ló wí. "Ẹ̀yìn ni mo kọ sí i. Jẹnẹrétọ̀ ni mò ń wò."

Inú bí mi sí i, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí, mi ò mọ èyí tó ṣáájú. Mo bi í pé kí ló dé tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún àwọn ọmọ pé bátìrì wọn kún ni. Ó ní ojú gbogbo ìgbìmọ̀ wà lára òun, ìtìjú sì ti mú òun kí òun tó mọ ohun tí òun ń sọ. Ó ní ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, òun lérò pé bóyá òótọ́ ni. Èkejì yẹn, "mo rí ọwọ́ rẹ̀," òun mọ̀ pé irọ́ ni bó ṣe ń jáde lẹ́nu òun.

"Lọ bá Alàgbà," mo ní.

"Mo ń lọ."

"Lọ báyìí."

"Mo ní mo ń lọ! Jẹ́ kí n ronú bí mo ṣe máa sọ ọ́."

Ó ń ronú. Ó ronú lọ́jọ́ náà, ó ronú lọ́jọ́ kejì. Ó tú Ìyàwó, ó yọ bátìrì rẹ̀. Bátìrì náà ti ń wú díẹ̀ láàárín bí ikùn ọmọdé tó jẹ mọ́ínmọ́ín jù, ó ní ìyẹn nìkan ti tó ìdí láti má ṣe fi ṣáàjì sí i mọ́ láéláé. Ó rọra gbé e sínú garawa tó ní iyẹ̀pẹ̀, lẹ́yìn ilé, jìnnà sí jẹnẹrétọ̀. Ó ń ṣe gbogbo ìyẹn, kò lọ sílé Alàgbà. Mo pinnu pé bí ilẹ̀ bá tún mọ́ tí kò lọ, èmi á lọ.

Ilẹ̀ mọ́ lóòótọ́, ẹni tó sì kọ́kọ́ dé ni Fàtímọ̀, ìyá Zulfah. Ó ti Ara wá pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Ó ru àpò gààrí, ó sì gbé àgbébọ̀ adìyẹ kan dání, ẹsẹ̀ rẹ̀ so. Ṣọ́ọ̀bù mi ni Àwáwù wà, nítorí náà ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n wọlé sí. Kí a tó kí wọn tán, Fàtímọ̀ ti sọ àpò náà kalẹ̀, ó ti wà lórí eékún, ó sì ti fa ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ dákun, ẹ bá mi fi orí jì í," ló wí. "Ó ní òun ló tẹ nǹkan tó ba ẹ̀rọ yín jẹ́. Oore ni ẹ ń ṣe é, ó wá fi ìwàǹwára ba oore jẹ́. A kò lágbára ẹ̀rọ, Àǹtí. Ohun tí ọwọ́ wa ká rèé. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dúró lọ́kàn yín sí i."

Àwáwù ti dìde. Ó di etí tábìlì mi mú.

"Ẹ dìde, Ìyá Zulfah."

"Ẹ gbà á ná, kí ọkàn mi lè balẹ̀. Mo ti bá a wí. Mo nà án, Àǹtí. Láti ẹsẹ̀ ọ̀nà ni mo ti nà án títí a fi délé, gbogbo àdúgbò ló ń bẹ̀ mí."

"Ẹ dìde!" Àwáwù pariwo rẹ̀, adìyẹ náà sì pariwo. Àwáwù wá ní, "Kò tẹ nǹkan kan. Bátìrì ló kú. Èmi ni n kò pààrọ̀ rẹ̀. Mi ò sì rí ọwọ́ rẹ̀ níbi kankan. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn."

Fàtímọ̀ kò dìde. Ó wo Àwáwù, ó wo èmi, bí ẹni tó fẹ́ kí n túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ lo sọ fún mi pé ìwọ ni. Mo bi ọ́, mo tún bi ọ́. O ní ìwọ ni."

Zulfah ń wo ilẹ̀. "Wọ́n ní àwọn rí mi," ló wí. "Mo rò ó títí. Mi ò rántí pé mo tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn rí mi. Mo ní bóyá ọwọ́ mi ló ṣe é tí n kò mọ̀."

Mo ti rán aṣọ òkú rí, mo ti rán aṣọ fún opó, mi ò tíì rí ojú tó dà bí ojú Àwáwù nígbà yẹn. Ó fẹ́ kúnlẹ̀. Eékún rẹ̀ ti tẹ̀ nígbà tí Fàtímọ̀ pariwo pé, "Rárá o, Àǹtí! Ẹ kì í kúnlẹ̀ fún ọmọdé!" Zulfah fò dìde, ó sá jáde síta, kí àgbà má bàa kúnlẹ̀ lójú òun. Àwáwù sì kúnlẹ̀ síwájú àyè tó ṣófo. Ó wà níbẹ̀ títí Fàtímọ̀ fi fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e dìde, Fàtímọ̀ tó na ọmọ rẹ̀ lásán, tí omijé ń bọ́ lójú òun náà.

Àwáwù kò gba gààrí náà, kò sì gba adìyẹ. Ó ní kí wọ́n rù ú padà, kí wọ́n sì bá òun ká lọ sílé Alàgbà. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo tẹ̀ lé wọn. Ara mi kò gbà kí n jókòó.

Iwájú ilé ni Alàgbà Olúṣẹ̀yẹ wà pẹ̀lú méjì nínú ìgbìmọ̀, wọ́n ń ka àròkọ àwọn ọmọ tó kù. Àwáwù kò lọ́ ọ̀rọ̀ pọ̀. Ó ní bátìrì tí òun pè ní tuntun ti gbó, nítorí òun kò jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ rí, òun sì fi í sínú ooru. Ó ní iṣẹ́ òun ni kí òun yọ ṣájà rẹ̀ wò kí ìdánwò tó dé, òun kò ṣe é. Ó wá sọ èyí tó le. Alàgbà tẹ́tí sí i títí ó fi parí, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó sì nù ún fún ìgbà pípẹ́.

"Bátìrì gbó, mo gbọ́ ìyẹn," ló wí. "Bátìrì ti ẹnikẹ́ni lè gbó. Ṣùgbọ́n mo bi ọ́ bóyá ó dá ọ lójú, Àwáwù. Mo bi ọ́ lójú gbogbo ènìyàn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó ku díẹ̀ kí n fún ọmọ mìíràn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Kò bú u ju ìyẹn lọ. Ì bá sàn fún un bí ó bá bú u. Ìgbìmọ̀ fẹnu kò pé Zulfah yóò tún jókòó kọ àròkọ mìíràn, lórí kókó mìíràn. Wọ́n tún fẹnu kò pé lẹ́yìn èyí, wọn kò ní gbé ìdánwò wọn wá sọ́dọ̀ Àwáwù mọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lórí méjèèjì.

Kí n tètè sọ ọ́, kí ọkàn yín lè balẹ̀: Zulfah ló gbà á. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi Àwáwù lónìí, kì í ṣe ọjọ́ tí orúkọ jáde ló ń bá a jí. Ọjọ́ tí Zulfah tún wá jókòó kọ àròkọ ni.

Kí ọjọ́ náà tó pé, ó ti pààrọ̀ bátìrì Ìyàwó sí èyí tó jẹ́ ojúlówó. Ó gbé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó sì ká aṣọ orí rẹ̀ jù sí kọ̀rọ̀. Ó ṣe é kí ṣáàjì rẹ̀ má máa kọjá ọgọ́rin lójoojúmọ́, kí bátìrì má máa wà ní kíkún fọ́fọ́. Ìgbà ìdánwò nìkan ni yóò máa jẹ́ kó kún. Ó jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ láìsí ṣájà lórí tábìlì mi, mo rán odindi bùbá àti ìró rẹ̀ tán, kò kú. Ó tún yẹ gbogbo láptọ́ọ̀pù tó kù wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì pààrọ̀ bátìrì àwọn tó ti ń fàsẹ́yìn. Mo ní, "Àwáwù, o ti gbìyànjú."

Àárọ̀ ni Zulfah dé. Ìyá rẹ̀ dúró síta lọ́dọ̀ mi. Alàgbà Olúṣẹ̀yẹ jókòó sí ìkángun yàrá, kò sí ọmọ mìíràn. Àwáwù tan láptọ́ọ̀pù náà, ó yọ ṣájà rẹ̀ lójú wọn, kí wọ́n lè rí i pé ó dúró, ó sì yí i síwájú ọmọ náà. Ó ń fi ẹ̀rín sọ̀rọ̀, ẹ̀rín náà kò sì dúró lójú rẹ̀. "Ó dára báyìí, Zulfah. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Máa tẹ̀ ẹ́."

Zulfah jókòó. Ó kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ itan. Ó wo láptọ́ọ̀pù náà, kò fọwọ́ kàn án. Ọmọ tí kì í kọ ọ̀rọ̀ sí àgbà lẹ́nu rí yíjú sí Alàgbà, ohùn rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé mo lè fi báírò kọ ọ́?"

Alàgbà wo Àwáwù. Àwáwù pa kọ̀ǹpútà náà dé, ó gbé e kúrò lórí tábìlì, ó sì jáde lọ wá ìwé.